Ṣé nọ́ńbà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ pa rẹ́ lórí fóònù Android ṣeé gbà padà? Ohun tó ṣeé ṣe àti ohun tí kò ṣeé ṣe

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí fídíò kan lórí TikTok tàbí ọ̀rọ̀ àtagbà kan lórí WhatsApp tó ní kí ẹ tẹ kóòdù kan sórí fóònù yín, pé bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo nọ́ńbà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ti pa rẹ́ yóò padà wá. Àwọn mìíràn ní kí ẹ lọ gba áàpù kan tí yóò “hú” ohun tó ti sọnù jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nítorí pé ìgbà tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ni wọ́n máa ń rí i: nọ́ńbà oníbàárà ti lọ, tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ owó ti pòórá.

Àlàyé yìí wà fún ẹ̀yin tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. A ó sọ ibi tí nọ́ńbà àti àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń wà gan-an, bí ẹ ṣe lè gbà wọ́n padà láti inú àkáǹtì Google yín, àti àwọn àṣìṣe tó lè mú kí ohun tí ì bá ṣeé gbà padà bọ́ pátápátá.

Ìdáhùn ní ṣókí

Nọ́ńbà tí ẹ fi pamọ́ sínú àkáǹtì Google ṣeé gbà padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ pa á rẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe é fúnra rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ ju dátà lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé gbà padà kìkì bí fóònù yín bá ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó pa á rẹ́, tí ẹ̀dà tuntun kò sì tíì rọ́pò ti àtijọ́. Kò sí kóòdù tó lè ṣe èyí. Áàpù tó bá sì ń ṣèlérí pé òun yóò ṣe é lórí fóònù tí kò ní ẹ̀dà kankan níbì kan, ìlérí tí kò lè mú ṣẹ ló ń ṣe.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

Bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ pa rẹ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù.

Àkọ́kọ́, ẹ pa Wi-Fi fóònù náà, ẹ má sì kì í bọ ṣáájì kí ẹ wá fi í sílẹ̀ lọ sùn. Ìdí ni pé fóònù Android sábà máa ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ Google nígbà tó bá wà lórí Wi-Fi, tó wà lórí ṣáájì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ̀dà tuntun tó bá ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ kò ní ní àtẹ̀jíṣẹ́ náà nínú, ìyẹn ni yóò sì gba ipò ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀.

Èkejì, ẹ má tẹ `Back up now`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ dà bí ohun tó lè gbà yín. Ohun tó wà lórí fóònù báyìí ló máa lọ fi pamọ́, ohun tí ẹ sì ń wá kò sí lórí fóònù mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má pa ètò `Backup` náà fúnra rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ dá a dúró. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá pa á, yóò béèrè bóyá kí òun nu gbogbo ẹ̀dà tó ti wà nílẹ̀ dànù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ lè gbà fún un láìkà á. Wi-Fi nìkan ni kí ẹ pa. Bí ẹ bá ti fún fóònù láyè rí pé kó máa fi dátà ṣe ẹ̀dà, ẹ pa dátà náà pẹ̀lú.

Ibo ni nọ́ńbà yín wà gan-an?

Bí ẹ bá ń fi nọ́ńbà pamọ́ sórí fóònù Android, ibi mẹ́ta ló lè lọ: inú àkáǹtì Google, inú síìmù, tàbí inú fóònù nìkan. Lójú yín, gbogbo wọn wà nínú ìwé nọ́ńbà kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà ló máa sọ bóyá ó ṣeé gbà padà. Ẹ lè mọ ibi tí tiyín ń lọ bí ẹ bá ṣe bí ẹni fẹ́ fi nọ́ńbà tuntun pamọ́: lókè ojú fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Save to`, ẹ ó rí ìmeèlì yín, tàbí `Device`, tàbí `SIM`.

Bó bá jẹ́ ìmeèlì ló wà níbẹ̀, fóònù àti àkáǹtì Google yín jọ ń bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí ẹ bá fi sí ọ̀kan, yóò hàn nínú èkejì. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí fóònù, yóò parẹ́ nínú àkáǹtì pẹ̀lú. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Wọ́n rò pé Google jẹ́ bí àpótí tí a ti pa, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àkáǹtì náà ní ibi ìdàǹdànù kan tí wọ́n ń pè ní `Trash`. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí ẹ pa rẹ́ yóò kọ́kọ́ lọ, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí Google tó nù ún pátápátá.

Bó bá jẹ́ `SIM` ló wà níbẹ̀, tí ẹ sì pa nọ́ńbà náà rẹ́ nínú síìmù, kò sí ibi ìdàǹdànù kankan nínú síìmù. Àkáǹtì Google kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà síìmù náà sínú àkáǹtì tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè gba nọ́ńbà padà

Ọ̀nà kìn-ín-ní wà fún ẹni tó pa nọ́ńbà kan tàbí púpọ̀ rẹ́, tó sì fẹ́ kí àwọn yẹn nìkan padà wá.

Ẹ ṣí áàpù `Contacts` ti Google. Ẹ tẹ àwòrán àkáǹtì yín lókè lápá ọ̀tún kí ẹ lè rí i dájú pé inú ìmeèlì tó tọ́ lẹ wà. Ẹ tẹ `Organize` nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `Trash`. Ẹ tẹ orúkọ tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀, ẹ mú àwọn yòókù tí ẹ fẹ́ kún un, kí ẹ sì tẹ `Recover`. Bí áàpù nọ́ńbà fóònù yín kì í bá ṣe ti Google, ẹ ṣí Chrome, ẹ lọ sí `contacts.google.com`, ẹ wọlé pẹ̀lú ìmeèlì yín, kí ẹ wá `Trash` nínú àwọn ohun tó wà lápá òsì. Níbẹ̀, ẹ ó tún rí ọjọ́ tí wọ́n pa nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan rẹ́ àti bó ṣe débẹ̀. Èyí wúlò bí ẹ bá ń ronú pé ẹlòmíràn ló fọwọ́ kan fóònù yín.

Bí ẹ bá ti rí wọn gbà, ẹ fún fóònù ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí dátà. Wọ́n á padà sínú ìwé nọ́ńbà fúnra wọn. Bí wọn kò bá padà, ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wá ibi tí àwọn àkáǹtì wà, ẹ tẹ àkáǹtì Google yín, ẹ tẹ `Account sync`, kí ẹ rí i pé `Contacts` wà ní títàn.

Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí ìwé nọ́ńbà rẹ̀ dàrú, bóyá ó da àwọn orúkọ tó jọra pọ̀, tàbí ó yí orúkọ àti nọ́ńbà padà lọ́nà tí kò tọ́. `Trash` kò lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nítorí nọ́ńbà tí a yí padà kò lọ sí ibi ìdàǹdànù. Ohun tí yóò lò ni `Undo changes`. Ẹ ó rí i nínú `Settings` ojú ewé `contacts.google.com`. Yóò bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ padà sẹ́yìn tó: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wákàtí kan, àná, ọ̀sẹ̀ kan, tàbí àkókò tí ẹ bá fúnra yín yàn nínú `Custom`, ṣùgbọ́n kò lè kọjá ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì yìí ṣe pàtàkì. `Trash` kò fọwọ́ kan nọ́ńbà mìíràn. `Undo changes` ní tirẹ̀ máa ń dá gbogbo ìwé nọ́ńbà padà sí bó ṣe wà ní àkókò tí ẹ yàn, torí náà ohun tí ẹ ti ṣe láti ìgbà náà yóò bá a lọ, títí kan nọ́ńbà tuntun tí ẹ fi pamọ́.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní obìnrin kan ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, nọ́ńbà oníbàárà 420 sì wà lórí fóònù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú àkáǹtì Google. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́sàn-án, ọmọ rẹ̀ ń fi fóònù náà ṣeré, ó sì pa nọ́ńbà 140 rẹ́. Ní aago mọ́kànlá, ìyá fi nọ́ńbà oníbàárà tuntun mẹ́ta pamọ́. Aago méjì ọ̀sán ló tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Bó bá lo `Undo changes`, tó sì yàn kí nǹkan padà sí bó ṣe wà ní àná, nọ́ńbà 420 yóò pé padà, ṣùgbọ́n mẹ́ta tó fi pamọ́ ní aago mọ́kànlá kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Kò sì lè yan wákàtí kan, nítorí ní wákàtí kan sẹ́yìn, nọ́ńbà 140 náà ti lọ. Ohun tó dára jù fún un ni `Trash`: kó lọ síbẹ̀, kó mú gbogbo ohun tí ọjọ́ wọn jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, kó sì tẹ `Recover`. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, 140 yóò padà, mẹ́ta tuntun yóò sì wà níbẹ̀, yóò wá di 423.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà kò pa nọ́ńbà rẹ́, tó jẹ́ pé ṣe ló da àwọn orúkọ pọ̀, nígbà náà `Undo changes` ni yóò lò. Kó kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà mẹ́ta tuntun náà sórí ìwé, kó yan `Custom`, kó kọ wákàtí mẹ́fà síbẹ̀ kó lè bọ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ohunkóhun tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tún nọ́ńbà mẹ́ta náà fi sí i.

Àtẹ̀jíṣẹ́: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó parẹ́ lóòótọ́

Nínú áàpù `Messages` ti Google, bí ẹ bá fi ìka fa àtẹ̀jíṣẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó máa lọ sínú `Archived`. Yóò kúrò lójú yín, ṣùgbọ́n kò parẹ́. Ẹ tẹ àwòrán àkáǹtì yín lókè, kí ẹ sì wo `Archived`. Ẹ tún wo `Spam & blocked`, nítorí áàpù náà máa ń gbé ọ̀rọ̀ tó bá fura sí lọ síbẹ̀, ó sì lè gbé àtẹ̀jíṣẹ́ gidi pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí `Trash` nínú àwọn ohun tó jáde, ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn fóònù kan ní i, àwọn mìíràn kò ní. Áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ ti Samsung náà ní ibi ìdàǹdànù, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta lókè láti rí i.

Bí kò bá sí ní ìkankan nínú wọn, ó ku ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ Google.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ̀dà náà lè ràn yín lọ́wọ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ kò dà bíi nọ́ńbà. Fóònù kì í fi í ṣọwọ́ sí Google lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé. Ńṣe ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá ń ṣe ẹ̀dà. Torí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ní láti dáhùn: ìgbà wo ni fóònù ṣe ẹ̀dà kẹ́yìn?

Ẹ ṣí áàpù `Drive`, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, kí ẹ sì tẹ `Backups`. Ẹ ó rí orúkọ fóònù yín àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kẹ́yìn. Nínú `Settings` fóònù, ẹ tún lè tẹ `Google`, lẹ́yìn náà `Backup`, kí ẹ wò ó bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ wà lára ohun tó ń fi pamọ́. Ẹ̀ ń wò ó ni o, ẹ kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan níbẹ̀.

Kí ẹ̀dà tó lè ràn yín lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí fóònù ṣe lẹ́yìn tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé, kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ aláṣọ wa. Ká ní àtẹ̀jíṣẹ́ tí oníbàárà fi sọ iye tó jẹ ẹ́ wọlé lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó sì ṣèèṣì pa á rẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí `Drive` bá sọ pé aago méjì òru mọ́jú Ọjọ́bọ̀ ni fóònù ṣe ẹ̀dà kẹ́yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Bó bá sọ pé òru mọ́jú Ẹtì ni, ẹ̀dà ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó pa á rẹ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bó bá sọ pé ọjọ́ Ajé ni, ẹ̀dà náà ti pẹ́ jù, kò bá àtẹ̀jíṣẹ́ náà pàdé rárá. Bó bá sì jẹ́ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ó wọlé, tó parẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tí fóònù kò sì ṣe ẹ̀dà láàárín méjèèjì, kò sí ẹ̀dà tó mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ àti aago tó wà lójú fóònù ṣe ìṣirò kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ tó kàn, nítorí ìgbésẹ̀ náà ní ewu.

Ìgbésẹ̀ tó léwu: gbígba àtẹ̀jíṣẹ́ padà láti inú ẹ̀dà

Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù tí ẹ ń lò lọ́wọ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ padà láti inú ẹ̀dà Google. Ìgbà tí a bá ń bẹ̀rẹ̀ fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Android sábà máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ gba ẹ̀dà àtijọ́ padà. Ìyẹn ni pé fóònù náà ní láti jẹ́ tuntun, tàbí èyí tí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò máa ń sọ pé kí ẹ kàn nu fóònù yín, wọn kì í sì í sọ ohun tó kù. Bí ẹ bá nu fóònù tí ẹ̀dà rẹ̀ kò bá pé, fọ́tò, fáìlì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp yín lè lọ pẹ̀lú, kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà má sì padà. Ohun tó dára jù ni kí ẹ wá fóònù Android mìíràn tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, bóyá èyí tí ẹnìkan nínú ilé kò lò mọ́, kí ẹ nu ìyẹn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà náà sórí rẹ̀. Fóònù yín yóò wà bó ṣe wà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé ohun mẹ́ta yìí wà lọ́wọ́ yín. Ìmeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì Google náà. Píìnì tàbí àmì tí ẹ fi ń ṣí ojú fóònù tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, nítorí òun ni Google fi ti ẹ̀dà náà pa, láìsí i kò ní ṣí. Ẹ̀kẹta ni pé Android tó wà lórí fóònù kejì kò gbọdọ̀ kéré sí ti fóònù yín: ẹ̀dà tó wá láti orí Android 14 kò ní wọ orí fóònù tó ń lo Android 11. Ẹ lè wo nọ́ńbà Android nínú `Settings`, lábẹ́ `About phone`.

Lórí fóònù kejì, ẹ tẹ̀ lé ohun tó bá ń béèrè. Bó bá dé ibi tó ti ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kó áàpù àti dátà wá, ẹ gbà fún un, kí ẹ yan ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ Google dípò fóònù àtijọ́. Yóò kó orúkọ fóònù àti ọjọ́ ẹ̀dà sílẹ̀. Ẹ yan èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ìṣirò yín mu, ẹ fi píìnì fóònù yín sí i, kí ẹ sì rí i pé ẹ fi àmì sí ibi tó kọ `SMS`. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ti padà sórí fóònù kejì, ẹ ya àwòrán ojú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ padà sórí fóònù yín, áàpù kan wà nínú `Play Store` tó ń jẹ́ `SMS Backup & Restore`, tí iṣẹ́ ọwọ́ SyncTech jẹ́. Ẹ fi ṣe fáìlì lórí fóònù kejì, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí fóònù yín, kí ẹ sì fi áàpù kan náà gbà á wọlé. Yóò ní kí ẹ sọ òun di áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ti parí, ẹ dá `Messages` padà sí ipò rẹ̀. Áàpù yìí kan náà lẹ lè fi máa ṣe ẹ̀dà tiyín láti ìsinsìnyí lọ, nítorí òun kò ní kí ẹ nu fóònù kí ẹ tó rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà padà.

Kóòdù àti áàpù tí wọ́n ń pín kiri ńkọ́?

Kóòdù tí ẹ bá tẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `*#` kì í gba ohun tó ti parẹ́ padà. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ní iṣẹ́ tiwọn: `*#06#` máa ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù hàn, `*#*#4636#*#*` sì máa ń ṣí ojú ewé àyẹ̀wò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kan àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ pa rẹ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ lè ṣe yín ní jàǹbá. Ní ọdún 2012, olùwádìí ààbò kan, Ravi Borgaonkar, fi hàn ní ìpàdé kan ní Argentina pé kóòdù kan wà tó lè nu gbogbo ohun tó wà lórí àwọn fóònù Samsung kan ìgbà náà láìbéèrè nǹkan kan. Samsung ṣe àtúnṣe sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ má tẹ kóòdù tí ẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti áàpù, àtẹ̀jíṣẹ́ wà ní ibì kan nínú fóònù tí Android kì í jẹ́ kí áàpù lásán wọ̀. Áàpù lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣì wà bí ẹ bá fún un láyè, ṣùgbọ́n kò lè wá àjókù èyí tó ti parẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n já ààbò fóònù náà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, jíjá ààbò yìí fúnra rẹ̀ máa ń nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ohun tó wà nínú fóònù òde òní tún jẹ́ ohun tí wọ́n ti sọ di àdììtú, tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ibi tí ewu gidi wà nìyí: áàpù tó bá ní òun fẹ́ gba àtẹ̀jíṣẹ́ padà yóò ní kí ẹ fún òun láyè láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Bí ẹ bá gbà, yóò lè rí nọ́ńbà ẹ̀rí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí yín kí owó tó jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fi áàpù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí kò sí nínú `Play Store`, ẹ má fi sórí fóònù yín. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó bá ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà Google yín ránṣẹ́ kí òun lè bá yín gbà á padà: àkáǹtì náà ló ń wá.

Ibi tí ó ti máa ń dí mọ́ èèyàn lọ́wọ́

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù nílé wa ni pé ẹni tó ta fóònù ló bá oníbàárà ṣí ìmeèlì, tí ẹni tó ni fóònù kò sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò tíì pẹ́ jù bí fóònù náà bá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ sí `g.co/recover` lórí fóònù náà gan-an, nítorí Google máa ń fọkàn tán fóònù tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ẹ sì fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò ti ẹni tó ta fóònù bó bá wà níbẹ̀.

Ìṣòro kejì ni àkáǹtì méjì. Bí `Trash` bá ṣófo, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Ẹ tẹ àwòrán lókè, kí ẹ wo inú ìmeèlì kejì.

Ìṣòro kẹta kan àwọn tí wọ́n jí fóònù wọn. Nọ́ńbà tó wà nínú àkáǹtì yóò jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti wọlé sórí fóònù tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ́: bí fóònù kan kò bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 57, Google lè nu ẹ̀dà rẹ̀ dànù.

Ní ti WhatsApp, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Ó ní ẹ̀dà tirẹ̀ nínú `Settings` WhatsApp lábẹ́ `Chats`, ohun tí a ṣàlàyé níhìn-ín kò sì kàn án.

Ní ìparí

Ọ̀rọ̀ pé kóòdù tàbí áàpù kan lè dá gbogbo nọ́ńbà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ pa rẹ́ padà kì í ṣe òótọ́. Nọ́ńbà tó wà nínú àkáǹtì Google ṣeé gbà padà fún ọgbọ̀n ọjọ́ nínú `Trash` tàbí pẹ̀lú `Undo changes`. Àtẹ̀jíṣẹ́ ṣeé gbà padà bí ọjọ́ ẹ̀dà bá bọ́ sí àárín ìgbà tó wọlé àti ìgbà tí ẹ pa á rẹ́. Bí kò bá bọ́ sí i, tó sì jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ owó tó wọlé tàbí tó jáde ní báńkì lẹ ń wá, ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ní báńkì. Àkọsílẹ̀ yẹn ní ọjọ́, iye owó àti orúkọ, ó sì lágbára ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ bí ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́.